Bí a ṣe ń fi ohun mẹ́ta kọ́ ẹ̀fẹ̀, àti ìdí tí ẹ̀kẹta fi gbọ́dọ̀ yani lẹ́nu

Àárò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Nínú ẹ̀fẹ̀, ẹ̀kẹta gan-an la rán níṣẹ́ pé kó da á nù. Méjì àkọ́kọ́ á dúró gbọn-in, olùgbọ́ á fọkàn tán wọn, á sì rò pé òun ti mọ bí ẹ̀kẹta yóò ṣe rí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀kẹta yóò yẹ̀ lábẹ́ ìkòkò.

Ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, láti ìgbà tí kò tíì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín títí di ìgbà tó dúró. Àbúrò mi kan ló gbé e wá bá mi. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ṣókí níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tó kọ sínú ìwé nìyí:

"Ọ̀gá wa mọ iṣẹ́, wọ́n máa ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde kí iṣẹ́ tó parí torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn, wọ́n sì mọ òfin."

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó lè pani lẹ́rìn-ín náà sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kà á fún mi, ńṣe ni mo kàn mi orí. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ kan tá a fi jókòó tì í, ohun tó kù nìyí:

"Ọ̀gá wa mọ iṣẹ́, wọ́n mọ òfin, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Bá a ṣe kúrò ní ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn ni mo fẹ́ fi hàn yín ní ẹsẹẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ̀kẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kíní. Wọ́n á kọ ohun dáadáa méjì sílẹ̀, wọ́n á wá máa wá ohun tó panilẹ́rìn-ín tí wọ́n lè fi tì í lẹ́yìn. Ohun tó bá sún mọ́ wọn jù lọ́wọ́ wọn á bà, ohun tó sì sún mọ́ wa lọ́wọ́ sún mọ́ olùgbọ́ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wá òtítọ́ kan tí gbogbo àwọn tó wà níjókòó mọ̀, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, láìtíì wá bí yóò ṣe panilẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá máa ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde kí iṣẹ́ tó parí."

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé àwọn tó máa gbọ́ ọ mọ̀ nípa rẹ̀? Bí wọn ò bá mọ̀, ẹnu á yà wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí ibi tí wọ́n á so ó mọ́, wọ́n á máa bi ara wọn pé ilẹ̀kùn wo. Ìkejì, ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè gbọ́ ọ kó sì rẹ́rìn-ín? Àbúrò mi ní ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ máa ń fi ilẹ̀kùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀. Èyí fọkàn mi balẹ̀. Ká ní ohun tó ń dùn ún ni, tàbí ohun tó lè dá wàhálà sílẹ̀ fún un, mi ò ní bá a kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ibí ni ẹ̀fẹ̀ àbúrò mi ti kọ́kọ́ fọ́. "Mọ" ló lò fún iṣẹ́ àti òfin, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ilẹ̀kùn, ó yí padà sí "máa ń gbà jáde". Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti yí padà, etí á gbọ́ pé nǹkan mìíràn ti ń bọ̀, olùgbọ́ á sì ti múra sílẹ̀. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n má baà dá a mọ̀ lókèèrè.

Mo bi í pé, "Kí ni 'mọ' lè ṣe sí ilẹ̀kùn?" Ó ní èèyàn lè mọ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn lè mọ iṣẹ́, kó jẹ́ pé ó gbọ́n nínú rẹ̀. Èèyàn sì lè mọ ilẹ̀kùn, kó jẹ́ pé ó ti gba ibẹ̀ kọjá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ojú méjì ló ní. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá, torí òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀kẹta fara pa mọ́ sáàárín àwọn yòókù.

Yorùbá ní irú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wo "ní": "Ọ̀rẹ́ mi ní sùúrù, ó ní làákàyè, ó sì ní agbòjò mi." Ìwà la fi "ní" méjì àkọ́kọ́ sọ. Ẹ̀kẹta fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọ́, ohun tó yá tí kò dá padà. Ẹ̀fẹ̀ náà kò nílò àlàyé kankan, "ní" ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi méjì àkọ́kọ́ la ọ̀nà

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ò lè mọ ibi tó ń lọ. Bó bá gbé ìkejì, ẹ ti mọ apá ibi tó kọjú sí, ọkàn yín á sì bá a gbé ìkẹta kó tó gbé e. Ẹsẹ̀ kẹta tí ọkàn olùgbọ́ ti gbé ṣáájú yẹn la fẹ́ tàn jẹ. Pẹ̀lú ohun kan, kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè yà kúrò lójú rẹ̀. Méjì ló kéré jù láti la ọ̀nà, ẹ̀kẹta ló kéré jù láti yà.

Mẹ́rin ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ: "Ọ̀gá wa mọ iṣẹ́, wọ́n mọ òfin, wọ́n mọ ènìyàn, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn." Kò burú, ṣùgbọ́n "ènìyàn" kò fi ohunkóhun kún ọ̀nà tí a ti là tán. Olùgbọ́ ti mọ apá ibi tí à ń lọ, ó wá ń dúró. Ẹni tó ń dúró sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn.

Nípa ohun méjì àkọ́kọ́ fúnra wọn, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀fẹ̀ ń kú sí, kì í ṣe lórí ẹ̀kẹta. Àbúrò mi fẹ́ kí ẹ̀kíní náà panilẹ́rìn-ín. Ó ní ká kọ ọ́ pé "wọ́n mọ oorun sùn nínú ìpàdé". Mo ní rárá. Bí ẹ̀kíní bá ti jẹ́ yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ ni ọ̀nà tí a là nìyẹn. Olùgbọ́ á máa retí yẹ̀yẹ́ mìíràn, bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá sì dé, ó bá ohun tí wọ́n ń retí mu rẹ́gí. Ẹ̀rín kékeré á wà lẹ́ẹ̀mẹta, ńlá ò ní sí. Ìyìn gidi ni méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́, ìyìn tó jẹ́ òótọ́, tí èèyàn lè sọ tọkàntọkàn kó sì dúró síbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí àwọn méjèèjì jìnnà síra wọn jù. "Wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n mọ ijó" kò kọjú síbì kankan. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ọ̀nà, a ò lè yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta nínú àwọn àṣìṣe yìí kò hàn bọ̀rọ̀: kí ìkejì máa tú àṣírí ẹ̀kẹta. Nígbà kan a gbìyànjú "wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn". "Ọ̀nà" ti mú ọkàn lọ síbi tí à ń gbà kọjá, ilẹ̀kùn kò wá jìnnà mọ́. A fi "òfin" rọ́pò rẹ̀. Òfin kò fara jọ ilẹ̀kùn rárá, ó sì tún ṣe ohun kan tí a kò kọ́kọ́ rò: ẹni tó ń yọ́ jáde kí iṣẹ́ tó parí ń rú òfin. Ìdí nìyí tá a fi jẹ́ kí òfin wà ní ipò kejì dípò ipò kìíní, kó lè fara ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ gbìyànjú láti ka méjèèjì sókè, "wọ́n mọ òfin, wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn", ẹ ó gbọ́ bí nǹkan ṣe lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọn bí ẹ̀kẹta ṣe jìnnà tó

Ẹ̀kẹta tó sún mọ́ jù kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. "Wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n mọ òfin, wọ́n sì mọ ìwé" jẹ́ ìyìn mẹ́ta, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Èyí tó jìnnà jù náà kò dára: "wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n mọ òfin, wọ́n sì mọ ọ̀pọ̀lọ́". Ẹnu á yani dájú, ṣùgbọ́n ẹnu yíyà nìkan kò tó.

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ ọ́ ní 1790 pé ìrètí tí a ti fà le tó wá ṣàdédé di òfo ló ń fa ẹ̀rín. Ó rí apá kan rẹ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀lọ́ náà sọ ìrètí di òfo, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èyí tó wúlò fún ẹni tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ ni ohun tí Jerry Suls, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní 1972. Ó ní ipele méjì ni olùgbọ́ ń gbà kọjá. Yóò kọ́kọ́ bá ohun tí kò bá ìrètí rẹ̀ mu pàdé, lẹ́yìn náà yóò wá òfin kan tó lè mú kí ohun náà bọ́ sípò. Bó bá rí i, á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rí i, ọ̀rọ̀ náà á kàn rú u lójú.

Ẹ wá fi èyí wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Olùgbọ́ ń retí ìyìn kẹta, ó gbọ́ ilẹ̀kùn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkàn rẹ̀ sáré padà sórí "mọ", ó rí i pé ojú kejì ọ̀rọ̀ yẹn la lò, ó rántí ọ̀gá tó ń yọ́ lọ lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sípò. Ìrìn àjò yẹn ni ẹ̀rín. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta yín jìnnà níwọ̀n, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn náà tí olùgbọ́ lè padà sí, kó sì kà á lọ́nà mìíràn. Kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tó yani lẹ́nu ni kó parí gbólóhùn

Gbàrà tí ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń sọ yóò rì sínú rẹ̀, tàbí kó pa á. Nínú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àbúrò mi àkọ́kọ́, ohun tó tẹ̀ lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gùn: "kí iṣẹ́ tó parí torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọn". Àlàyé ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ṣe. A gé e kúrò.

Èdè wa ní ìwà kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń ṣáájú, ọ̀rọ̀ tó ń yán an á tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn èyí máa ń ran ẹlẹ́fẹ̀ lọ́wọ́. "Ilẹ̀kùn" nìkan kò tíì sọ nǹkan kan, ó kàn ń mú kí etí ṣí. "Ẹ̀yìn" ló yin ìbọn, òun náà ló sì gbẹ̀yìn. Bákan náà ni "agbòjò mi": "mi" yẹn, sílébù kan ṣoṣo, ló sọ pé ohun oníǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà yìí kan náà máa ń kó bá wa tá a bá jẹ́ kí àpólà gùn. Bẹ́ ẹ bá ní "ó sì ní agbòjò mi tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá", àwọn èèyàn á ti rẹ́rìn-ín lórí "mi", ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án yòókù á wá máa rìn kiri láìní ilé. Bí olùgbọ́ bá nílò láti mọ̀ pé ẹ ti ń wá agbòjò náà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, nínú gbólóhùn mìíràn, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́ta.

Ọ̀kan wà tó dà bíi pé ó rú òfin yìí. "Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n dín ṣúgà kù, kí n sì dín ìbéèrè kù." "Ìbéèrè" ló yani lẹ́nu, "kù" ló sì gbẹ̀yìn. Kò pa á lára, torí etí ti gbọ́ "kù" lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ̀ pé yóò wá, kò sì retí ìròyìn kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìró tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè tẹ̀ lé ẹ̀kẹta, ìròyìn tuntun ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dúró lẹ́yìn ìkejì, kẹ́ ẹ sì béèrè

Àyẹ̀wò yìí ni mo fọkàn tán jù. Ẹ wá ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Ẹ sọ ẹ̀kíní àti ìkejì, ẹ sọ "wọ́n sì mọ", kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ ní kó parí rẹ̀.

Bó bá ní "ìwé" tàbí "ènìyàn", ó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ là fún un, ó sì ṣe tán láti yà. Bó bá sọ ẹ̀kẹta yín gan-an, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ìkejì yín ti tú àṣírí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá wò yín láìmọ ohun tó máa sọ, méjì àkọ́kọ́ kò la ọ̀nà kankan, bó ti wù kí ẹ̀kẹta dára tó, kò lè gbà wọ́n sílẹ̀. Àbúrò mi dán an wò lọ́dọ̀ ẹni méjì níbi iṣẹ́ wọn. Nígbà tó ṣì ń lo "ọ̀nà", ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé "wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń sá gbà!" Nígbà tó lo "òfin" fún ẹlòmíràn, ìyẹn ní "ìwé".

Ìgbésẹ̀ keje: sísọ ọ́

Ohùn kan náà ni kẹ́ ẹ fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn tí ẹ fi yìn ín ní méjì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi sọ ẹ̀kẹta, torí ohùn tó bá yí padà ń ṣe ohun kan náà tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó yí padà ń ṣe. Ẹ má ṣe sọ "ẹ gbọ́ èyí o". Ẹ má rẹ́rìn-ín ṣáájú. "Sì" ti tó láti sọ fún etí pé a ti fẹ́ parí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mí, ẹ mí díẹ̀ lẹ́yìn "wọ́n sì mọ", kì í ṣe lẹ́yìn "ilẹ̀kùn", torí bẹ́ ẹ bá dá ilẹ̀kùn ró, ẹ ti fún wọn ní ààyè láti dé "ẹ̀yìn" ṣáájú yín. Lẹ́yìn "ẹ̀yìn", ẹ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo ní láti bá àbúrò mi fà. Nígbà tí èyí ti dùn, ó fẹ́ fi irú rẹ̀ méjì sí i kún ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ní kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ẹ̀kíní, àwọn olùgbọ́ ti kọ́ ìṣe yín, wọ́n á máa dúró dè yín lórí ẹ̀kẹta, ìdúró yẹn ló sì ń pa ìyàlẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ní láti tún ka mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Àwọn tó ti múra láti rẹ́rìn-ín á rí i pé ìyìn gidi ni, á sì wọ̀ wọ́n lára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣíwájú, ó sì fi ohun mẹ́ta tí ọ̀gá náà kọ́ ọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí òun ṣe dé "ilẹ̀kùn", ọ̀gá ti fi ọwọ́ bo ojú, torí ọ̀gá nìkan ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn yòókù ṣì ń wo ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀yìn" ni gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu.